Àmágámù, kọ̀mpósíìtì, gíláàsì àyọnómà: itọ́ ẹnu ni ká kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Dókítà, òkun o. Kàbbà ni mo ti ń kọ̀wé. Kòkòrò ti jẹ eyín ẹni mẹ́ta nínú ilé wa. Tèmi wà láàárín eyín ẹ̀yìn méjì, oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú mi. Ti ọmọ mi, ọmọ ọdún 7, wà lórí eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ti bàbá ọkọ mi tó ti lé ní 70 ọdún wà ní ìdí eyín, lẹ́bàá èrìgì. Wọ́n ní nínú ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín, àmágámù wà, kọ̀mpósíìtì wà, gíláàsì àyọnómà wà. Èwo ni ká fi dí ti ta ni? Ṣé èyí tó wọ́n jù náà ló dára jù? (Ìyá Sayọ̀)

Ìdáhùn: Òkun o, Ìyá Sayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Gíláàsì àyọnómà ni kí wọ́n fi dí ti ọmọ, òun náà ni kí wọ́n fi dí ti bàbá. Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, kọ̀mpósíìtì ló yẹ, bí wọ́n bá lè mú kí ibẹ̀ gbẹ dáadáa. Bí wọn kò bá lè mú un gbẹ nísinsìnyí, kí wọ́n fi gíláàsì àyọnómà dí i títí ẹ ó fi bímọ, kí kọ̀mpósíìtì tó wọlé. Àmágámù kò yẹ ẹnikẹ́ni nínú yín báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí rẹ̀ yàtọ̀ láti orí ẹnì kan sí èkejì. Kọ̀mpósíìtì ló sábà máa ń wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi í sí ibi tí itọ́ kò jẹ́ kó gbẹ, òun náà ló máa ń tètè bàjẹ́ jù.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà di eyín mú kò jọ ara wọn. Àmágámù, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní onírin tàbí èyí dúdú, jẹ́ fàdákà, tánńganran àti bàbà tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n wá fi mẹ́kúrì, irin olómi tó ní májèlé, pò. Mẹ́kúrì yìí tó nǹkan bí ìlàjì gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Kì í lẹ̀ mọ́ eyín. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ihò náà ló ń dì í mú: inú ihò gbọ́dọ̀ gbòòrò ju ẹnu rẹ̀ lọ díẹ̀, bí inú kèrègbè ṣe gbòòrò ju ọrùn rẹ̀, kí ohun tó bá ti le síbẹ̀ má lè rí ọ̀nà jáde mọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 2 níbi tí eyín òkè ti ń lù ú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kán. Nítorí èyí, dókítà lè ní láti gé lára eyín tí kò ní àìsàn kí àmágámù lè ráyè jókòó. Àǹfààní rẹ̀ ni pé itọ́ díẹ̀ kì í dà á rú bó ṣe ń da kọ̀mpósíìtì rú, ó sì máa ń pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu.

Kọ̀mpósíìtì, aláwọ̀ eyín, jẹ́ rẹ́sìnì, irú oje kan tó ń le bí ike, tí wọ́n po ìyẹ̀fun gíláàsì tó kúnná mọ́. Òun ni a lè sọ pé wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín. Dókítà á kọ́kọ́ fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì, tí agbára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá 37 nínú 100, pa etí ihò náà fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 15. Ásíìdì yìí á lu ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí sára eyín. Oje ìlẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń lẹ kọ̀mpósíìtì mọ́ eyín, á ṣàn wọ inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ náà, iná aláwọ̀ aró á mú un le síbẹ̀, kọ̀mpósíìtì á sì wá dì mọ́ oje yẹn. Ẹni tó bá ti kun ilé rí yóò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ògiri bá tutù nígbà tí wọ́n ń kun ún. Bí itọ́ bá kan eyín lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ásíìdì kúrò, àwọn ohun tó wà nínú itọ́ á dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn, oje kò sì ní í ráyè wọlé. Dókítà tó bá mọṣẹ́ kì í fi ọwọ́ nu ún kó máa bá a lọ. Ńṣe ló máa ń fọ̀ ọ́, tó sì máa ń tún ásíìdì lò níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Gíláàsì àyọnómà ni àbíkẹ́yìn láàárín wọn. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni Wilson àti Kent ti ṣe é ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìyẹ̀fun gíláàsì kan tó ní fúlóráìdì, ohun tó ń ran eyín lọ́wọ́ lòdì sí kòkòrò, nínú ni wọ́n ń pò mọ́ omi ásíìdì, á sì le fúnra rẹ̀ láìsí iná. Òun kò nílò kí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sára eyín, torí pé ásíìdì inú rẹ̀ ń so pọ̀ tààrà mọ́ kálísíọ́ọ̀mù tó wà lára eyín. Omi wà lára ohun tó fi ń le, ìdí nìyẹn tó fi lè fara da eyín tó tutù díẹ̀. Mo ní díẹ̀ o, torí pé bí itọ́ bá bò ó mọ́lẹ̀ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí i kó tó le, ó bàjẹ́ nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lágbára tó àwọn méjì yòókù lábẹ́ ìjẹun. Nínú ihò tí ògiri eyín yí ká ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ó ń ṣe dáadáa. Níbi tí ògiri kan ti ṣí sílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ eyín kejì, ó sábà máa ń kán.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọmọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú eyín tó jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti eyín iwájú tó wà ní àárín gan-an, kí ẹ máa kà lọ sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún ọmọ ọdún 7 jẹ́ eyín ọmú, yóò sì tó nǹkan bí ọdún 9 sí 12 kí wọ́n tó yọ. Ẹ̀kẹfà kì í ṣe eyín ọmú. Eyín àgbà ni, nǹkan bí ọmọ ọdún 6 ló máa ń hù, kò sì sí eyín kankan tó yọ kó tó jáde. Nítorí pé kò sí èyí tó yọ, ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé yóò yọ bíi tàwọn yòókù, wọ́n á sì jẹ́ kó bàjẹ́. Bí ti ọmọ yín bá jẹ́ ẹ̀kẹfà, òun náà ni yóò fi jẹun títí yóò fi darúgbó.

Lọ́mọ ọdún 7, apá ẹ̀yìn eyín yìí lè má tíì jáde tán, kí èrìgì ṣì bò ó díẹ̀. Ẹnu ọmọ kéré, itọ́ rẹ̀ pọ̀, kò sì lè ya ẹnu sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Kọ̀mpósíìtì lára irú eyín bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni ń fi gúlúù lẹ bébà nínú òjò. Àmágámù ńkọ́? Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Mínámátà lórí ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì fẹnu kò ní ọdún 2022 pé kí wọ́n má lò ó fún eyín ọmú, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, fún aláboyún àti fún abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, àfi bí dókítà bá rí i pé ó di dandan fún ẹni náà. Ìpinnu yìí kan ọmọ yín, ó sì kan ẹ̀yin náà.

Ọ̀nà tó yẹ ọmọ ni èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Tàńsáníà láàárín àwọn ọdún 1980, níbi tí wọ́n ti ń fi irin ọwọ́ nìkan tọ́jú eyín, láìsí ẹ̀rọ tó ń ké àti láìsí iná mànàmáná. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í gba abẹ́rẹ́. Ó ṣeé ṣe lórí bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ ní Ìyàrà gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣeé ṣe ní ọsibítù ní Lọ́kọ́ja. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ lè mọ̀ bí wọ́n bá ń kù díẹ̀ káàtó.

Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì eyín á fi òwú tó ká róbótó há ẹ̀gbẹ́ ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí itọ́ má baà dé ara eyín. Á wá fi irin ẹlẹ́nu ṣíbí kékeré ha ohun rírọ̀ inú ihò kúrò. Gbogbo etí ihò gbọ́dọ̀ mọ́ títí á fi le gbagidi, torí ibẹ̀ ni ohun ìdíhò yóò ti sé ọ̀nà mọ́ kòkòrò. Ìsàlẹ̀ ihò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jìn, wọ́n lè fi ohun tó ti ń dúdú àmọ́ tó ti le díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí irin má baà dé ibi tí iṣan eyín wà. Bí ẹ bá rí i tó fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Bó bá fi sílẹ̀ létí ihò, ìyẹn ni kí ẹ béèrè.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi omi ásíìdì pólíákírílíìkì nu inú ihò náà fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, wọ́n á fi òwú tútù fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á sì fi òwú gbígbẹ nu ún. Kí eyín máa dán díẹ̀ ni wọ́n ń wá. Kì í ṣe kó gbẹ táútáú.

Pípò ni ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Fún ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ni ṣíbí ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi irin gé orí rẹ̀ tẹ́jú, sí ẹ̀kán omi kan. Wọ́n á pín ìyẹ̀fun sí méjì, wọ́n á po ìlàjì àkọ́kọ́ kí wọ́n tó fa ìyókù wọlé, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Tí wọ́n bá mú ìgò omi náà ní ìdùbúlẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọ inú ẹ̀kán, á sì dín kù. Ó yẹ kí ìgò náà dojú kọlẹ̀ ṣánṣán. Bí ìyẹ̀fun bá kéré, ó máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, ó sì máa ń rọrùn láti tì wọ inú ihò, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá le láti inú rẹ̀ kì í lágbára, láàárín oṣù díẹ̀ á ti jẹ dànù. Ó yẹ kó ki, kó sì máa dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún iyán tó kúnná. Dídán yìí ni kí ẹ fọkàn sí. Ó fi hàn pé ásíìdì tí yóò di eyín mú ṣì wà níbẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti pòkúdu kó tó dé inú eyín, kò ní lẹ̀ mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ tì í wọlé. Jíjù ni wọ́n ń ju irú rẹ̀ nù, kí wọ́n sì po òmíràn. Ooru máa ń mú kó tètè le. Nínú oṣù kejì sí oṣù kẹrin, tí ooru Kàbbà àti Lọ́kọ́ja ń mú gan-an, àkókò tí wọ́n ní á kéré ju ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ lọ. Lásìkò òjò ẹ̀wẹ̀, bí wọ́n bá ṣí ìgò ìyẹ̀fun sílẹ̀, á fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á sì bàjẹ́.

Wọ́n á wá rọ ọ́ kún inú ihò díẹ̀ kọjá ojú rẹ̀, wọ́n á fi fasilíìnì pa orí ìka ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́, wọ́n á sì fi ìka náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Títẹ̀ yìí ló ń tì í wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ tó wà lórí eyín, títí kan èyí tí kòkòrò kò tíì jẹ. Wọ́n á gé èyí tó bá pọ̀ jù, wọ́n á wo bí eyín ṣe ń pàdé, wọ́n á sì tún fi fasilíìnì bò ó. Fasilíìnì ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, torí láàárín wákàtí àkọ́kọ́ itọ́ lè mú kó rọ̀, afẹ́fẹ́ sì lè mú kó gbẹ kó sì là. Bí ojú rẹ̀ bá funfun bí ẹfun lọ́jọ́ kejì, tó sì ní ìlà wẹ́wẹ́, wọ́n gbàgbé láti bò ó nìyẹn. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ jẹun fún wákàtí kan ó kéré tán, kó sì má fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹ ohun líle lọ́jọ́ náà. Àgbàdo sísun àti ìrèké lè dúró.

Fúlóráìdì inú rẹ̀ máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ sára eyín. Púpọ̀ ń jáde ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó ń dín kù, tó bá sì kan ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì ó tún ń gba díẹ̀ wọlé. Mo kì í fẹ́ kí wọ́n sọ èyí di oògùn fún òbí. Ọmọ tó bá ń mu mínírà lójoojúmọ́ ṣì lè ní ihò míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n dí.

Ṣùgbọ́n bí eyín náà bá ń jí ọmọ lóru nítorí ìrora, tàbí tí èrìgì abẹ́ rẹ̀ bá wú bí eéwo, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àìsàn ti dé ibi tí iṣan eyín wà, bí wọ́n bá sì dí i mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n dí ọyún mọ́ inú ibẹ̀ ni. Ẹ sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá kò gùn. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, èrìgì á sún sílẹ̀, ìdí eyín á sì yọ síta. Ìdí eyín kò ní ìbora líle tí orí eyín ní, ìdí nìyẹn tí kòkòrò fi ń jẹ ẹ́ kíákíá. Ihò náà kì í jìn, ó kàn máa ń tẹ́ bí àwo, èrìgì tó tutù sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Kò sí ibi tí àmágámù yóò di mú àfi bí wọ́n bá gbẹ́ inú eyín tó kù, ibẹ̀ sì sún mọ́ iṣan. Gíláàsì àyọnómà lẹ̀ mọ́ ọn láìgbẹ́ ohunkóhun, agbára ìjẹun kò sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà àìlágbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pa á lára. Ẹ bi bàbá bóyá ẹnu rẹ̀ máa ń gbẹ. Àwọn oògùn kan, títí kan díẹ̀ lára ti ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń dín itọ́ kù, ẹnu tó bá gbẹ jù sì máa ń jẹ gíláàsì àyọnómà lójú. Kó má dá oògùn náà dúró o. Kó sọ fún dókítà ni. Bí wọ́n bá fún un ní jẹ́ẹ̀lì fúlóráìdì, kí ẹ béèrè èyí tí kò ní ásíìdì, torí pé onásíìdì máa ń ha ojú ohun ìdíhò yìí. Bó bá ń fi orín fọ eyín, kó máa fà á láti ìdí eyín lọ sí orí rẹ̀. Bó bá ń fà á síwá-sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, á gé ìdí eyín bí àáké ṣe ń gé igi, á sì gé ohun ìdíhò mọ́ ọn.

Ó wá ku ẹ̀yin, tiyín ló le jù.

Oyún oṣù márùn-ún jẹ́ àkókò tó dára láti tọ́jú eyín. Ẹ sọ pé ẹ lóyún kí wọ́n tó pò ohunkóhun. Ihò yín wà láàárín eyín méjì, èyí túmọ̀ sí pé ògiri kan ti ṣí, ìsàlẹ̀ ihò náà sì lè ti wọ abẹ́ èrìgì. Nígbà oyún, èrìgì máa ń wú, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá kàn fọwọ́ kàn án. Ẹ wá rí i: ibi tí kọ̀mpósíìtì ti nílò gbígbẹ jù lọ ni ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́ yọ jù lọ. Ká ní ẹ kò lóyún, ibí yìí ni àmágámù ti lè jàre. Fún àgbàlagbà tí ihò ńlá wà ní eyín ẹ̀yìn rẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ èrìgì, tí kò sì sí bí wọ́n ṣe lè mú un gbẹ, àmágámù ṣì máa ń pẹ́ ju kọ̀mpósíìtì tí wọ́n fi sínú omi. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fòfin dè é, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì dá a dúró ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, pàápàá nítorí mẹ́kúrì tó ń lọ sínú omi àti ilẹ̀. Bí ẹ bá ní àmágámù àtijọ́ lẹ́nu tí kò là, tí kò sì ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ báyìí. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ ni afẹ́fẹ́ mẹ́kúrì rẹ̀ ń jáde jù.

Ẹ bi dókítà ní ìbéèrè yìí kó tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ìsàlẹ̀ ihò náà wà lókè èrìgì, ṣé ó sì lè mú un gbẹ? Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó yẹ kí ẹ rí nìyí. Wọ́n á ta rọ́bà pẹlẹbẹ mọ́ eyín náà kí itọ́ má lè dé ibẹ̀, tàbí ó kéré tán kí òwú àti ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n á fi ìgbàjá irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí eyín náà ká, wọ́n á sì fi èèkàn kékeré há a mọ́ ìsàlẹ̀, kí kọ̀mpósíìtì má baà yọ sínú èrìgì. Wọ́n á lo ásíìdì, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi oje ìlẹ̀ pa á, wọ́n á tan iná sí i. Lẹ́yìn náà ni kọ̀mpósíìtì á máa wọlé ní ìpele ìpele. Fún èyí tó wọ́pọ̀, ìpele kan kì í ju mìlímítà 2 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba iná fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ìdí méjì ló wà fún ìpele yẹn. Èkíní, kọ̀mpósíìtì máa ń súnkì bó bá ń le, nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú 100. Bí wọ́n bá rọ gbogbo rẹ̀ sínú ihò lẹ́ẹ̀kan náà, súnkì yẹn á fà á kúrò lára ògiri, àlàfo tí irun kò lè wọ̀ á sì wà níbẹ̀, èyí tí kòkòrò lè wọ̀. Èkejì, iná kò lè gba inú rẹ̀ kọjá tó bó bá nípọn. Òkè á le, ìsàlẹ̀ á rọ̀, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ láti òkè.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kàn wá ní ìhà Kàbbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú, níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀. Bátìrì ni ọ̀pọ̀ àwọn fìtílà yìí ń lò, àwọn kan sì wà tó ń tàn búlúù síbẹ̀ tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kọ̀mpósíìtì àtijọ́ tó ti gan mọ́ ẹnu fìtílà náà ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ bákan náà. Dókítà tí kò ní ẹ̀rọ tí ń wọn iná lè dán an wò pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: kó fi kọ̀mpósíìtì tó nípọn tó mìlímítà 2 sórí pẹpẹ, kó tan iná sí i láti òkè fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kó yí i padà, kó sì fi irin ha abẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì rọ̀ tó fi ń ṣí, kí ó má fi fìtílà yẹn dí eyín ẹnikẹ́ni títí yóò fi ṣàtúnṣe rẹ̀.

Òróró kánáfùrù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sínú ihò nígbà tí eyín bá ń ro wọ́n, ẹ má fi sí i ní ọjọ́ tó ṣáájú kọ̀mpósíìtì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí rẹ́sìnì le dáadáa. Àwọn ohun ìdíhò fún ìgbà díẹ̀ kan ní i nínú bákan náà. Bí wọ́n bá ti fi irú rẹ̀ dí eyín yín tẹ́lẹ̀, ẹ sọ.

Bí dókítà bá dáhùn pé rárá, pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ tàbí pé ìsàlẹ̀ ihò ti wọ abẹ́ èrìgì, ẹ má rọ̀ ọ́ pé kó ṣáà fi kọ̀mpósíìtì sí i nítorí ẹ ti kó owó rẹ̀ wá. Kó ha ohun rírọ̀ kúrò, kó fi gíláàsì àyọnómà tó ki dí i fún ìgbà díẹ̀, kó sì ha ìdọ̀tí tó gan mọ́ ìdí eyín yín. Kí ẹ máa fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kódà bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, torí pé ìdọ̀tí yẹn gan-an ló ń mú un ṣẹ̀jẹ̀. Ó lè kán létí kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, kò sì ní ba eyín jẹ́.

Ọjọ́ tí kọ̀mpósíìtì bá wọlé, ẹ má tíì dìde lórí àga kí ẹ tó yẹ ohun méjì wò. Ẹ rọra jẹ eyín pọ̀ sórí bébà aláwọ̀ tí wọ́n bá fi sí i lẹ́nu. Bí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n dí bá kọ́kọ́ kan èkejì rẹ̀, ó ga jù, lọ́la ẹ ó máa rò pé eyín náà ń dùn yín, bẹ́ẹ̀ gíga yẹn ni. Kí wọ́n sì fa òwú ìyọyín gba àárín eyín méjèèjì. Ó yẹ kó há díẹ̀ kó tó kọjá, kó sì jáde láìfà ya. Bó bá kọjá fìrì, àlàfo wà níbẹ̀, ẹran yóò máa há a ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jẹun, ihò tuntun yóò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí òwú bá já wẹ́wẹ́, etí kọ̀mpósíìtì yọ síta lábẹ́ èrìgì. Méjèèjì ni wọ́n lè tún ṣe lọ́jọ́ yẹn. Kí eyín máa ta yín bí ẹ bá mu omi tútù fún ọjọ́ mélòó kan kò burú. Bó bá ń dùn yín nígbà tí ẹ bá jẹ nǹkan lé e, tó sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ.

Bó bá sì jẹ́ gíláàsì àyọnómà ni wọ́n fi sí i báyìí, ẹ padà wá nígbà tí ọmọ bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tí èrìgì yín ti wálẹ̀. Ẹ sọ fún wọn nígbà náà pé ẹ ṣì ń fún ọmọ lọ́mú.